Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀: kì í ṣe gbogbo àyípo ló ń sọ èdè di aláìlópin

Ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù jẹ́ ẹ̀rọ inú ìṣirò tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí ó ń tọ ọfà láti ipò kan bọ́ sí òmíràn, tí ó sì ń gba ọ̀rọ̀ náà bí ó bá parí sí ipò ìtẹ́wọ́gbà; àkójọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń gbà ni èdè rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè bóyá èdè tí ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù kan ń gbà lópin, ọ̀pọ̀ èèyàn á wo àwòrán ipò àti ọfà rẹ̀, wọ́n á rí àyípo kan, wọ́n á sì kéde pé èdè náà kò lópin. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù tí gbogbo ipò rẹ̀ ní ọfà fún gbogbo lẹ́tà kò lè ṣaláìní àyípo: ipò rẹ̀ níye, ọfà kò sì tán níbì kankan.

Wo èyí. q0 ni ipò ìbẹ̀rẹ̀, q2 nìkan sì ni ipò ìtẹ́wọ́gbà.

```
q0: a→q1  b→q3
q1: a→q3  b→q2
q2: a→q3  b→q3
q3: a→q3  b→q3
q4: a→q4  b→q2
```

q3 àti q4 ló ní àyípo, ṣùgbọ́n ab ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń gbà. Ẹni tó bá wọ q3 kò jáde mọ́. q4 lè dé q2 ní tirẹ̀, àmọ́ kò sí ọ̀nà láti q0 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, wá a lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ̀rẹ̀ láti q0, kí o tẹ̀lé ọfà: o ó rí q0, q1, q2, q3. Lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ láti q2, kí o máa tọ ọfà sẹ́yìn: o ó rí q2, q1, q0, q4. Àwọn tó wà nínú méjèèjì nìkan ló wúlò, ìyẹn q0, q1, q2. Àárín wọn ni kí o ti wá àyípo. Kò sí, nítorí náà èdè náà lópin. Ká ní ọfà a láti q1 padà sí q1 ni, ab, aab, aaab yóò máa lọ láìdáwọ́dúró.

Bí ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù rẹ bá ní ọfà ε, ìyẹn ọfà tí a lè tọ̀ láìka lẹ́tà kankan, ṣọ́ra sí i. Àyípo tí ó jẹ́ kìkì ε kò fi lẹ́tà kankan kún ọ̀rọ̀, kò sì lè sọ èdè di aláìlópin. Ó gbọ́dọ̀ ní ọfà lẹ́tà kan, ó kéré tán.

Ìwákiri àkọ́kọ́ yẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti q0, náà ló ń sọ bóyá èdè ṣófo, ìyẹn pé kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Má kàn wò ó pé ipò ìtẹ́wọ́gbà wà lórí àwòrán. Yí ọfà b láti q1 sí q3: q2 ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti q0.

Ní ti ìdọ́gba, ìyẹn bóyá ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù méjì ń gba èdè kan náà, a máa ń rìn nínú ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù méjèèjì pọ̀ ní méjì-méjì, a sì ń wá ibi tí ọ̀kan ti gbà tí èkejì kọ̀. Àṣìṣe tó burú níbí ni fífo ọfà tí kò sí. Ká ní p ni ipò kan ṣoṣo nínú ọ̀tọ́métọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, ó gba ọ̀rọ̀ òfìfo nìkan, kò sì ní ọfà kankan, nígbà tí r, ipò kan ṣoṣo nínú èkejì, gbà, tí ọfà a rẹ̀ sì padà sí r. Láti (p, r), bí o bá dúró nítorí pé p kò ní ọfà, o ó sọ pé wọ́n dọ́gba. Fi ipò ẹ̀bìtì t, tí kì í gbà tí a kì í sì í jáde nínú rẹ̀, kún ti p, kí o darí ọfà a sí i. Ìgbésẹ̀ kejì yóò gbé ọ dé (t, r), níbi tí t ti kọ̀ tí r sì gbà; lẹ́tà a nìkan ni ọ̀rọ̀ tó yà wọ́n.