Má fi nọ́ńbà tó kẹ́yìn lọ́po ara rẹ̀: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àròpọ̀ nọ́ńbà àìdọ́gba

Ìṣirò kan wà tí mo máa ń fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ṣómólú. Mo máa ń ní kó ro 1, 3, 5, 7 pọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 19. Àwọn nọ́ńbà àìdọ́gba nìyẹn, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá tò wọ́n ní méjì-méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ti gbọ́ níléèwé pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, tí a ń ro wọ́n pọ̀ láìfo ìkankan, nọ́ńbà onígun mẹ́rin ló máa ń jáde. 1 àti 3 jẹ́ 4, èyí tí í ṣe méjì lọ́nà méjì. Fi 5 kún un, ó di 9, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Fi 7 kún un, ó di 16, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ohun tí wọ́n gbọ́ yẹn, òótọ́ ni. Síbẹ̀, 361 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ sílẹ̀.

Ibi tí 361 ti wá kò fara sin. 19 ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn, 19 lọ́nà 19 sì jẹ́ 361. Ọmọ náà rántí pé a ní láti fi nǹkan lọ́po ara rẹ̀, nọ́ńbà tí ojú rẹ̀ rí gbẹ̀yìn ló sì mú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iye àwọn nọ́ńbà tí a rò pọ̀ ni a ń fi lọ́po ara rẹ̀, kì í ṣe èyí tó tóbi jù nínú wọn. Ọ̀nà tí ọmọ fi lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé 361 kò lè rí bẹ́ẹ̀ rọrùn: mẹ́wàá péré ni àwọn nọ́ńbà náà, kò sì sí èyí tó ju 19 lọ nínú wọn. Ká tiẹ̀ ní 19 ni gbogbo wọn, 190 ni wọn ìbá jẹ́.

Báwo la ṣe mọ̀ pé mẹ́wàá ni wọ́n láìkà wọ́n níkọ̀ọ̀kan? Láti 1 dé 20, ìdajì jẹ́ àìdọ́gba, ìdajì yòókù kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fi 1 kún nọ́ńbà tó kẹ́yìn, kí o sì pín in sí méjì: 19 di 20, 20 di 10. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ 100, òun ni ìdáhùn. Àwọn mìíràn máa ń pín 19 gan-an sí méjì, wọ́n á rí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, wọ́n á ju ààbọ̀ náà nù, wọ́n á wá kọ 81. Ibi tí 17 parí sí ni 81 yẹn. 19 fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé láti kà. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì lè so orí mọ́ ìdí: 1 àti 19 jẹ́ ogún, 3 àti 17 jẹ́ ogún, 5 àti 15, 7 àti 13, 9 àti 11. Ogún márùn-ún nìyẹn, ọgọ́rùn-ún sì ni.

Ṣùgbọ́n ìdí tó fi jẹ́ iye wọn ló ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ rí, torí ẹni tó bá ti rí i kò ní kọ 361 mọ́ láé. Mo máa ń kó ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ sínú garawa kan fún un. Ẹ gbé ẹyọ kan kalẹ̀. Ẹ wá to mẹ́ta yí i ká, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní igun tó wà láàárín wọn. Ó di onígun mẹ́rin, méjì lọ́nà méjì. Ẹ to márùn-ún yí ìyẹn ká bákan náà, ó di mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń tò rí bí irin onígun tí káfíńtà fi ń wo igun pákó. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ tó tẹ̀lé Pitagórásì fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe é báyìí, orúkọ irin káfíńtà náà ni wọ́n sì fún un. Nọ́ńbà àìdọ́gba kan, ọ̀wọ́ kan. Ọ̀wọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin náà fi ẹyọ kan gùn sí i. Lẹ́yìn ọ̀wọ́ mẹ́wàá, ìdérí mẹ́wàá ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 19 kò sí níbì kankan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn, a sì ti tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjì.

Àṣìṣe kejì wà ní igun yẹn, èmi náà sì ti ṣe é rí, owó sì bá a lọ. Ojúde ìyá mi ní Muṣin ní táìlì mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án. Ìyá fẹ́ ká fẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá iwájú, kó di mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá. Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró: mẹ́sàn-án lápá kan, mẹ́sàn-án lápá kejì, 18. Mo ra 18 gẹ́lẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, ọkùnrin tó ń lẹ táìlì náà nàró, ó ní, "Tísà, ó ku ẹyọ kan o. Ẹ ò ka ti igun." Mo wò ó, lóòótọ́, ihò onígun mẹ́rin kan là sílẹ̀ níbi tí apá méjèèjì ti yẹ kí wọ́n pàdé. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, irú àwọ̀ yẹn ti tán.

Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni mò ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ. Bí ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ k, a nílò k lápá kan, k lápá kejì, àti 1 fún igun:

```
k*k + k + k + 1 = (k+1)*(k+1)
```

Ẹni tó bá gbàgbé igun á ní 2k la fi kún un. 2k kì í ṣe àìdọ́gba, ìyẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé nǹkan ti jábọ́. Ẹyọ igun náà gan-an ni ẹyọ tó ń ṣẹ́kù nínú nọ́ńbà àìdọ́gba. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé méjì-méjì ni ọ̀wọ́ fi ń tóbi sí i: apá ọ̀tún fi ọ̀kan gùn, apá òkè fi ọ̀kan gùn, igun kò yí padà. Nọ́ńbà àìdọ́gba náà, méjì-méjì ló fi ń lọ, láti 3 sí 5, láti 5 sí 7. Nítorí pé 1 ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, tí ìṣísẹ̀ wọn sì dọ́gba, ọ̀kan kò lè yà kúrò lọ́dọ̀ èkejì láé.

Ibi "láé" yẹn ni àṣìṣe kẹta wà, èmi sì kà á sí èyí tó burú jù. Ọmọ á dán an wò dé 9 tàbí 11, á rí i pé ó ń bá a mu, á wá kọ ọ́ pé òun ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dídán an wò dára, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Mo máa ń fi òbìrí kan hàn wọ́n. Ẹ fi àmì méjì sí etí rẹ̀, ẹ fi ìlà so wọ́n, òbìrí pín sí 2. Àmì mẹ́ta tí ẹ so pọ̀ tán á pín in sí 4. Mẹ́rin á pín in sí 8, márùn-ún á pín in sí 16. Gbogbo kíláàsì á pariwo pé mẹ́fà á pín in sí 32. Ẹ yà á, kí ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kò lè ju 31 lọ. Ó bá wọn mu nígbà mẹ́rin tẹ̀léra, ó já wọn kulẹ̀ ní ẹ̀karùn-ún. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ti ìdérí ìgò ni pé a kò rí ìdí kankan tí òbìrí fi gbọ́dọ̀ máa di ìlọ́po méjì, àmọ́ a rí ìdí tí ọ̀wọ́ tó kàn fi gbọ́dọ̀ gba 2k + 1.

Francesco Maurolico, onímọ̀ ìṣirò ará Sísílì, lo irú àlàyé yìí fún àwọn nọ́ńbà àìdọ́gba nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1575: ó fi hàn pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ibì kan, yóò rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tó tẹ̀ lé e. Kí ẹ má sì fo ìbẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tó bá ní àròpọ̀ náà jẹ́ k lọ́nà k pẹ̀lú 5 lórí rẹ̀, ìṣísẹ̀ láti k dé k + 1 á bá tirẹ̀ náà lọ láìsí ìdíwọ́. Ibi tó ti máa hàn pé irọ́ ni ni ibi àkọ́kọ́: 1 kì í ṣe 6.

Ó ku èyí tó máa ń dé bá àwọn tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á gbàgbé pé orí 1 la gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Fún wọn ní 7, 9, 11, 13, wọ́n á ní mẹ́rin ni, nítorí náà 16. Ṣùgbọ́n 7 àti 9 nìkan ti jẹ́ 16. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́kọ́ kà á bíi pé a bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí a wá yọ ohun tí kò sí. Dé 13, nọ́ńbà méje ni, 49. Dé 5, mẹ́ta ni, 9. Yọ 9 kúrò nínú 49, ó ku 40. Lórí ilẹ̀, onígun mẹ́rin ńlá ni, tí a gbẹ́ onígun mẹ́rin kékeré kúrò ní igun rẹ̀ kan. 40 kì í sì í ṣe nọ́ńbà onígun mẹ́rin.

Ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ sókè lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán. Ó ní, "Sà, ṣebí 7 àti 9 tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 16. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, ó sì jẹ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin." Òótọ́ ló sọ, inú mi sì dùn sí i púpọ̀. Mo ní kó ṣe é lọ́nà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wọ́n. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: dé 9, nọ́ńbà márùn-ún, 25. Dé 5, nọ́ńbà mẹ́ta, 9. 25 yọ 9 jẹ́ 16. Ó dúró díẹ̀, ó wá kọ 3, 4, 5 sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ bíríkìlà ni. Ó ní nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni bàbá òun fi ń yẹ igun ìpìlẹ̀ ilé wò: wọ́n á fi okùn wọn ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, bí ìdábùú rẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún gẹ́lẹ́, igun náà ti tọ́.