Ẹ Yé Fi Orí Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kà Nìkan Dánra Wò: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Àtúnyẹ̀wò Áljíbírà

Bí ìdánwò Wáẹ́kì bá ti ń sún mọ́lé, owó ọwọ́ àwọn òbí kì í sinmi. Wọ́n á ra ìwé ìbéèrè, wọ́n á san owó lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún san ti ọjọ́ Sátidé mọ́ ọn, ọmọ á sì jókòó ti áljíbírà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí mo bá ṣí ìwé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni mo máa ń bá: ogún ìbéèrè lórí kuadirátíìkì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi yanjú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti mààkì gbogbo rẹ̀ pé ó tọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ogún mìíràn lórí lọ́gárídíìmù. Kò sí ojú ewé kan tí méjèèjì ti pàdé. Ó ń bí mi nínú, nítorí ọmọ náà ṣiṣẹ́ lóòótọ́, owó náà sì ti lọ, àmọ́ ohun tí ìdánwò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an kò tíì sí lára ohun tó fi kọ́ra.

Ohun náà ni yíyan ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ fakitọráìsì, tí ẹ mọ fọ́múlà, tí ẹ lè yanjú ìdọ́gba alábàárìn méjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, n kò ní padà sídìí ìyẹn. Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí nìwọ̀nyí.

1. Kí ẹ jẹ́ kí àkọlé orí ìwé yan ọ̀nà fún yín

Tí àkọlé bá ti sọ pé "Fi fọ́múlà yanjú ìwọ̀nyí", ìdajì iṣẹ́ ti parí kí ọmọ tó mú báírò. Kò nílò láti wo ìbéèrè náà dáadáa. Yóò kàn mú a, b àti c, yóò fi wọ́n sáyè wọn, ó parí. Mẹkáníìkì tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń na sípánà tó yẹ sí lọ́wọ́ kò tíì mọ bí a ṣe ń ṣa sípánà. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí àkọlé. Pépà kìíní ìṣirò Wáẹ́kì jẹ́ ìbéèrè 50 ní wákàtí kan àtààbọ̀, èyí tó wà lókè kì í sì í sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà nísàlẹ̀.

Mo kọ́ ọmọbìnrin kan tó ti ṣe gbogbo ẹsasáìsì fọ́múlà tó wà nínú ìwé rẹ̀. Mo kọ x² = 49 fún un. Ó gbé 49 kọjá, ó kọ a = 1, b = 0, c = −49, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́múlà ṣe é. Ó rí ìdáhùn náà o, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó rí i. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí kò fi wá sukuéè rúùtù 49 lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Sà, mo rò pé fọ́múlà là ń ṣe lónìí ni." Ọ̀rọ̀ "là ń ṣe lónìí" yẹn ni mò ń bá jà.

2. Kí ẹ fi bí iṣẹ́ ṣe ń yá díwọ̀n ohun tí ẹ mọ̀

Tí ìbéèrè bá jọra láti ìkíní dé ìkẹyìn, ọwọ́ á yá, mááàkì á pọ̀, inú ọmọ á dùn, inú ìyá rẹ̀ náà á dùn. Tí ẹ bá da ìbéèrè láti orí oríṣiríṣi pọ̀ sínú ìwé kan, ọwọ́ á falẹ̀, àṣìṣe á sì pọ̀ sí i. Ìyá kan wá bá mi nítorí èyí: "Tíṣà, láti ìgbà tí ẹ ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà ló ti ń gba mááàkì tó kéré." Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí wọ́n má fi mááàkì iṣẹ́ àṣetiléwá dájọ́.

Àwọn olùwádìí ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú kíláàsì gidi. Èyí tó tóbi jù tí mo mọ̀ jáde ní 2020. Kíláàsì 54 ní Fúlọ́rídà ni wọ́n lò, àwọn ọmọ ọdún keje nílé ẹ̀kọ́, 787 ni wọ́n. Ìbéèrè kan náà ni apá méjèèjì ṣe fún oṣù mélòó kan. Ètò ìbéèrè nìkan ló yàtọ̀: wọ́n to ti apá kan lórí-lórí, wọ́n da ti apá kejì pọ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n fún gbogbo wọn ní ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe àdàpọ̀ gba 61 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ṣe ti orí-lórí gba 38.

3. Àdàpọ̀ tí kì í ṣe àdàpọ̀

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí àwọn tó gbọ́ ìmọ̀ràn ló ń ṣe é. Wọ́n á ní àwọn ti da ìbéèrè pọ̀. Ẹ wo ìwé náà: ìbéèrè mẹ́ta lórí ìdá, mẹ́ta lórí íńdísíìsì, mẹ́ta lórí kuadirátíìkì, àkọlé kékeré sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí mẹ́ta tí wọ́n gé kúrú nìyẹn. Ọmọ mọ ọ̀nà tó máa lò láti ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta, ó sì fi ń tẹ̀ lé e lọ.

Àwọn mìíràn á yọ àkọlé kúrò, wọ́n á da ìbéèrè rú lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n kó jọ kò jọra rárá: ìbéèrè kan lórí lọ́gárídíìmù, òmíràn lórí igun onígun mẹ́ta, òmíràn lórí owó èlé. Ta ló máa ṣi lọ́gárídíìmù mú fún owó èlé? Irú àdàpọ̀ yìí ń ránni létí ohun tó ti kọjá, ó sì wúlò fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í kọ́ ojú láti dá ohun tó fara jọra mọ̀, ibẹ̀ sì ni mááàkì ti ń sọnù nínú áljíbírà.

Ìbéèrè tó jọra lójú tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni kí ẹ fi síra wọn. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí, tí mo kọ láti ara gbólóhùn kan ṣoṣo:

- Fakitọráìsì x² − 6x + 8.
- Yanjú x² − 6x + 8 = 0.
- Yanjú x² − 6x + 8 < 0.
- Yanjú 2²ˣ − 6(2ˣ) + 8 = 0.
- Dín (x² − 6x + 8)/(x² − 4) kù.
- Kí ni iye tó kéré jù tí x² − 6x + 8 lè ní?
- α àti β ni gbòngbò x² − 6x + 8 = 0. Wá α² + β².
- Yanjú y = x² − 6x + 8 àti y = x − 2 pọ̀.

Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, iṣẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń béèrè. Ti àkọ́kọ́ parí sí (x − 2)(x − 4). Ẹni tó bá tún kọ x = 2 tàbí 4 síbẹ̀ ti dáhùn ohun tí a kò bi í, nítorí kò sí àmì ìdọ́gba níbẹ̀. Ìkejì ló ń béèrè 2 àti 4. Ìkẹta ń béèrè gbogbo nọ́ńbà tó wà láàárín wọn, 2 < x < 4, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń kọ ni x < 2 tàbí x < 4, bí ẹni pé àmì náà kàn rọ́pò ìdọ́gba. Nínú ìkẹrin, 2ˣ ló jẹ́ 2 tàbí 4, nítorí náà x jẹ́ 1 tàbí 2. Ẹni tó bá dúró ní 2 àti 4 kò tíì débẹ̀. Ìkarùn-ún di (x − 4)/(x + 2), kò sì sí x láti wá. Ìkẹfà ń fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ bíi (x − 3)² − 1, kí ẹ rí i pé −1 ni ìdáhùn. Ìkeje kò nílò pé kí ẹ yanjú ohunkóhun: àpapọ̀ gbòngbò jẹ́ 6, ìlọ́po wọn jẹ́ 8, 36 − 16 = 20. Ìkẹjọ di x² − 7x + 10 = 0, x jẹ́ 2 tàbí 5, y sì jẹ́ 0 tàbí 3. Tí ọmọ bá gbàgbé y, ó ti fi mááàkì sílẹ̀.

Ẹ má to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ̀ léra bí mo ṣe tò ó síbí. Ẹ fọ́n wọn ká sínú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, kí ìbéèrè mìíràn wà láàárín wọn, kí ẹ sì yí nọ́ńbà inú wọn padà kí ọmọ má baà há ìdáhùn sórí.

4. Dída ohun tí ọmọ kò tíì mọ̀ pọ̀

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ fọ́múlà, ẹ ṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọra. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ná. Ẹni tí kò lè lo ọ̀nà kan lójú ara rẹ̀ kò ní rí i yàn láàárín márùn-ún, ìdààmú lásán ni ẹ máa fún un. Lẹ́yìn náà, inú ìbéèrè méjìlá, mẹ́rin péré ni kí ó jẹ́ ti òní. Ẹ fi mẹ́ta sí i láti orí tó ṣáájú, kí márùn-ún tó kù wá láti àwọn orí tó ti pẹ́. Méjì tó ní ọ̀nà kan náà kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Ní ìwé tó tẹ̀ lé e, fọ́múlà á di méjì, lẹ́yìn rẹ̀ ẹyọ kan, ó sì gbọ́dọ̀ máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di ìdánwò.

Òmíràn ni kí ìwé gùn jù. Méjìlá tó. Ọgbọ̀n ìbéèrè àdàpọ̀ á gba gbogbo alẹ́, ọmọ á sì wo ìdáhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ.

Ẹ yé ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tí wọ́n tò lórí-lórí tí ẹ bá ti ní èyí tí wọ́n tò lọ́dún-lọ́dún. Ti ọdún-lọ́dún ti dàpọ̀ láti ilé rẹ̀.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń mààkì. Tí ìdáhùn kò bá tọ̀nà, ohun méjì ló lè fà á, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Bóyá ọmọ yan ọ̀nà tí kò yẹ, bóyá ọ̀nà tọ́ ṣùgbọ́n ó ṣi ìṣirò ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n fa ìlà sí etí ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀nà síbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "fakitọráìsì", "fọ́múlà", "rúùtù lójú ẹsẹ̀", "àpapọ̀ àti ìlọ́po gbòngbò". Mo máa ń kọ́kọ́ mààkì ìlà etí yẹn. Ọmọ tí etí ìwé rẹ̀ tọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tọ́ nílò àtúnṣe lórí àmì ìyọkúrò àti ìdá, irú èyí tí ẹsasáìsì kan ṣoṣo lè wò sàn. Ọmọ tí etí ìwé rẹ̀ kò tọ́ ni ìwé àdàpọ̀ wà fún gan-an. Nígbà mìíràn, mo máa ń fún wọn ní ìbéèrè mẹ́wàá kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀nà nìkan, láìyanjú ìkankan. Kì í pẹ́, ẹ ó sì rí ibi tí wàhálà wà.

Àti pé ìwé tí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ọmọ kò ṣiṣẹ́. Nínú àdàpọ̀, àṣìṣe pọ̀, tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ á ti gbàgbé ohun tó rò tó fi yan ọ̀nà náà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì, kí ọmọ tún èyí tó kùnà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi irú rẹ̀ kan, pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn, sínú ìwé tó kàn.