Beethoven ti kú tipẹ́, kí ló dé tí orin rẹ̀ ń dá wàhálà sílẹ̀ lórí fídíò mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo fi orin píánò Beethoven sábẹ́ fídíò kan tí mo gbé sórí YouTube. Láti ọdún 1827 ni ọkùnrin náà ti kú. Síbẹ̀, Content ID, ẹ̀rọ tí YouTube fi ń dá orin tó ní olówó mọ̀, ní ilé-iṣẹ́ kan ló ni orin náà, owó ìpolówó sì ti ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ṣé jìbìtì kọ́ nìyí?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ àṣìṣe, torí orin píánò kan náà tí èèyàn méjì tẹ̀ lè jọra débi tí ẹ̀rọ á fi ṣì wọ́n mú. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ti mú orin náà.

Ẹ̀tọ́ méjì ló máa ń wà lórí orin kan. Ọ̀kan wà lórí orin bí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìyẹn máa ń dópin lẹ́yìn ọdún 70 tí ẹni náà bá ti kú, nítorí náà ti Beethoven ti parí. Èkejì wà lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá jókòó sídìí píánò lọ́dún 2015, tó tẹ orin Beethoven, tí ilé-iṣẹ́ kan sì gbà á sílẹ̀ tí wọ́n tà á, ohùn tí wọ́n gbà yẹn ní olówó tirẹ̀. Ní Yúróòpù, ọdún 70 lẹ́yìn tó jáde ni ẹ̀tọ́ yẹn tó ń kúrò. Ká ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ni ohùn náà.

Ẹ wọ YouTube Studio, ẹ tẹ Content, kí ẹ wá wo abẹ́ Restrictions ní ìlà fídíò náà. Bí ẹ bá ṣí See details, ẹ máa rí àkọlé orin tí wọ́n ní ẹ lò, ẹni tó ní òun ló ni ín, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó parí nínú fídíò. Ẹ fi wé orúkọ ẹni tó tẹ èyí tí ẹ mú. Ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já: irú ẹ̀sùn yìí kì í ṣe “strike”, ìyẹn àmì ìjìyà tí YouTube ń fún ìkànnì tó rú ẹ̀tọ́ oníǹkan. Strike mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90 ló lè mú kí wọ́n ti ìkànnì yín pa.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó. Ẹni tó tẹ ẹ́ gan-an ló gbé e síta, ó kọ CC BY-ND sí i, ìyẹn láísẹ́ńsì Creative Commons tí oníṣẹ́ fi ń jẹ́ kí èèyàn lo iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àwọn àdéhùn kan. Mo sì dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ fídíò. Ṣé kí n takò wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì takò wọ́n. Orúkọ tí ẹ dá ti san gbèsè BY, ND ló kù. Láísẹ́ńsì Creative Commons sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá mú orin bá àwòrán tó ń rìn lọ ti ṣe àtúnṣe sí orin náà, bí kò tilẹ̀ gé nǹkan kan kúrò. ND kò sì gbà kí a gbé àtúnṣe síta. Ibí ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí, torí wọ́n rò pé gígé orin nìkan ni àtúnṣe. CC BY lásán ì bá tó yín. BY-NC, tí kò gbà kí a fi iṣẹ́ náà pa owó, ò sì bá fídíò tó ń pa owó ìpolówó mu.

Ẹ kọ̀wé sí olórin náà. Bí ó bá gbà, ẹ tọ́jú èsì rẹ̀, kí ẹ wá takò ẹ̀sùn náà. License ni kí ẹ mú nínú àwọn ìdí tí wọ́n bá tò síwájú yín. Ẹni tó bá mú Public domain torí pé Beethoven ti kú ń dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ pé èkejì ni wọ́n ń bá a jà lé lórí. Ọjọ́ 30 ni ilé-iṣẹ́ náà ní láti fèsì. Bí ẹ bá takò ó láàárín ọjọ́ 5 tí ẹ̀sùn dé, YouTube á di gbogbo owó náà mú láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ṣì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ náà lè ní kí YouTube yọ fídíò náà, tí strike á sì tẹ̀ lé e.

Bí olórin náà ò bá dáhùn, ẹ lo Replace song tàbí Erase song nínú Studio. Ẹ̀sùn náà á kúrò nígbà tí àtúnṣe bá parí.

Ìbéèrè: Àwòrán ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tí mo mú nínú fídíò ẹlòmíì ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò sí òfin tó ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ gba àṣẹ. Àwòrán tí ẹ rà náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ Editorial use only sí i: ẹ lè fi í sọ ìròyìn, ẹ ò lè fi í polówó ọjà.