Bí mo ṣe tún àkọlé àti ètò ojú ewé àkọ́kọ́ aláṣọ òkè kan ṣe

Orí fóònù Àlàájà ni mo ti kọ́kọ́ rí ìkànnì rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, tí ìró òfì ń dún láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Àwọn èèyàn ń wọ ibẹ̀ o, ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn kì í ra nǹkan. Àwọn tó bá tilẹ̀ kọ̀wé sí mi, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ni mo ń tà."

Mo wò ó, mo sì rí ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè. Àwòrán márùn-ún ló ń yí padà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni "Ẹ káàbọ̀ sí orírun ẹwà, àṣà àti ọlá." Kí n tó ka èkejì tán, ẹ̀kẹta ti dé. Lábẹ́ wọn ni ìtàn bàbá Àlàájà wà, ìpínrọ̀ mẹ́fà gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́, àmì ẹ̀yẹ méjì, ìròyìn ayẹyẹ kan tó ti kọjá, orúkọ oríṣi aṣọ òkè mẹ́ta, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ra aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ìka fa ojú ewé náà kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà "aṣọ òkè" níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ fi ojú ara mi ṣe ìdájọ́, torí inú ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń tà. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo wá èèyàn mẹ́fà tí kò mọ Àlàájà rárá. Mo ṣí ojú ewé náà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sínú, mo gba fóònù padà, mo sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni wọ́n ń tà? Ta ni wọ́n ń tà á fún? Bí o bá fẹ́ ẹ, kí lo máa ṣe? Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan ṣáájú, mi ò sì jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ìdáhùn ẹlòmíràn, torí bí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á gbè é lẹ́yìn.

Mẹ́ta nínú wọn ní ayàwòrán ìgbéyàwó ni. Ẹnì kan ní alága ìdúró ni. Ẹnì kan rò pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ẹni kẹfà ní "wọ́n ń ta aṣọ," kò sì mọ irú èyí. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé èèyàn lè mú àwọ̀ tirẹ̀ wá kí wọ́n bá a hun ún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí Àlàájà fi ń jẹun gan-an nìyẹn.

Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ gbé gbólóhùn yẹn, "orírun ẹwà, àṣà àti ọlá," ẹ fi sórí ìkànnì òtẹ́ẹ̀lì, tàbí ti ẹni tó ń se oúnjẹ òde, tàbí ti onígèlè. Yóò bá gbogbo wọn mu. Báyìí ni mo ṣe máa ń dán àkọlé wò: bí mo bá pààrọ̀ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí àkọlé náà sì ṣì bá a mu, a jẹ́ pé kò tíì sọ nǹkan kan.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkọlé tuntun lẹ́sẹ̀ kan náà. Èmi àti Àlàájà jókòó ti Wasáàpù rẹ̀, a ka ìjíròrò ogójì tó ṣe gbẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn oníbàárà, a sì ń kọ ìbéèrè wọn sínú ìwé bí wọ́n ṣe bi í, láì tún un ṣe. Yàtọ̀ sí "Kí lẹ ń tà?", èyí tó pọ̀ jù ni "Ṣé ẹ lè hun àwọ̀ tí a ti mú?" Èyí tó tẹ̀ lé e ni "Ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa gbà?" Lẹ́yìn náà ni iye owó, "Ẹ jẹ́ ká rí èyí tí ẹ ti hun rí," àti "Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù?" Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó, tàbí ìyá rẹ̀, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bèèrè gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun mìíràn tún hàn níbẹ̀ tí èmi ì bá má rò láé. Sányán, àlàárì àti ẹtù ni wọ́n fi ṣe orí ọ̀rọ̀ lórí ojú ewé náà. Orúkọ tó dára ni wọ́n, àwọn ìyá àgbà méjì sì lò wọ́n nínú ìjíròrò yẹn. Àmọ́ àwọn ọmọge tó ń ṣe ìyàwó ò pè é bẹ́ẹ̀. "Pọ́pù àti góòlù" ni wọ́n ń kọ, tàbí kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mi ò yọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ṣùgbọ́n mi ò lè fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó kọ àkọlé. Àkọ́kọ́ tí mo kọ ni "Aṣọ òkè tó dára jù lọ ní Ìsẹ́yìn." Mo pa á rẹ́, torí gbogbo aláṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè ẹni tó dára jù. Èkejì ni "A ń hun aṣọ òkè fún ìyàwó, ọkọ ìyàwó, ẹbí àti gbogbo ayẹyẹ, ní gbogbo àwọ̀, a sì ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo." Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí fóònù kékeré, ìlà mẹ́fà ló gbà, ó sì ti bọ́tìnì sí ìsàlẹ̀ tí ojú ò rí i. Mo wá pín iṣẹ́ náà sí méjì: àkọlé sọ ohun tí à ń tà àti ohun tó yà á sọ́tọ̀, ìlà abẹ́ rẹ̀ sọ ibi tí a ti ń hun ún, àkókò àti ibi tó ń dé.

```html
<h1>Aṣọ òkè ìgbéyàwó, ní àwọ̀ tí ẹ bá yàn</h1>
<p>Òfì Ìsẹ́yìn la fi ń hun ún, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
A ń fi ránṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà àti sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì.</p>
<a href="#awo">Fi àwọ̀ àti ọjọ́ ìgbéyàwó ránṣẹ́</a>
```

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àlàájà fẹ́ ká kọ "kíákíá." Mo bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó gan-an ni. Ó ní mẹ́rin bí òwú àwọ̀ náà bá wà nílẹ̀, mẹ́fà bí wọ́n bá ní láti wá a. Mo ní ká kọ mẹ́fà, torí ẹni tí a bá sọ mẹ́rin fún, tí aṣọ rẹ̀ kò sì tíì dé nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta, kò ní gbàgbé wa. Bọ́tìnì náà ti ń jẹ́ "Mọ̀ sí i" tẹ́lẹ̀. Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ béèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Tuntun yìí sọ ohun tí èèyàn máa mú dání, ó sì jẹ́ pé ohun méjì yẹn náà ni Àlàájà máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Mo yọ àwòrán tó ń yí padà, mo fi ọ̀kan ṣoṣo rọ́pò wọn: ìyàwó àti ọkọ nínú aṣọ òkè tó bára mu, fọ́tò tó rẹwà gan-an. Mo tún wá èèyàn mẹ́fà mìíràn, torí àwọn ti àkọ́kọ́ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Márùn-ún dárúkọ aṣọ òkè láìfàkókò ṣòfò. Inú mi dùn títí mo fi bèèrè síwájú sí i. Mẹ́ta nínú wọn rò pé aṣọ tó ti wà nílẹ̀ ni, pé kí èèyàn kàn yàn nínú rẹ̀. Àkọlé ń sọ "àwọ̀ tí ẹ bá yàn," ṣùgbọ́n fọ́tò ń fi aṣọ tó ti parí hàn, ojú sì ti gba fọ́tò gbọ́ kó tó ka ọ̀rọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí fọ́tò òfì kan tí aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀, ìdajì ti hun, òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, márùn-ún nínú mẹ́fà ló sọ pé wọ́n máa ń hun ún fún èèyàn.

Ètò àwọn abala yòókù rọrùn lẹ́yìn ìyẹn, torí ìwé ìbéèrè wa ti tò ó fún wa. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí à ń tà máa fẹ́ rí èyí tí a ti hun, nítorí náà fọ́tò iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, tí a kọ àwọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lédè tí àwọn ọmọge ń lò, tí orúkọ àtijọ́ sì tẹ̀ lé e níbi tó bá yẹ. Lẹ́yìn náà ni owó. Àlàájà ò fẹ́ kọ iye, kí àwọn aláṣọ yòókù má bàa rí i. A fẹnu kò sí iye tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi báyìí fún ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé, pẹ̀lú àlàyé pé irú òwú àti iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ ló ń mú un lọ sókè. Ìgbésẹ̀ láti yíyan àwọ̀ títí dé ìfiránṣẹ́ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà. Ìròyìn ayẹyẹ àtijọ́ lọ pátápátá.

Ìtàn bàbá ló kù. Nígbà tí mo sọ pé ìsàlẹ̀ ló ń lọ, Àlàájà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ìwọ wá fẹ́ gbé wọn sí ìsàlẹ̀?" Ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá ka ìtàn bàbá ni ẹni tó ti pinnu pé òun fẹ́ aṣọ, tó kàn ń wá ìdí láti fọkàn tán wa. Mo dín ìpínrọ̀ mẹ́fà kù sí méjì, mo fi gbogbo ìtàn náà sí ojú ewé tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò tíì tó. Mo wá bi í ta ló ni òfì inú fọ́tò yẹn. Ó ní bàbá òun ni. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà lókè: "Òfì tí bàbá wa fi hun aṣọ." Kò tún bá mi jiyàn mọ́.

Mi ò lè sọ pé iṣẹ́ yìí ló mú títà pọ̀ sí i. Oṣù kọkànlá la parí rẹ̀, ìgbéyàwó sì máa ń pọ̀ ní oṣù kejìlá, yálà èèyàn tún ìkànnì ṣe tàbí kò tún un ṣe. Ohun tí mo lè wò ni ìbéèrè tó ń wọlé. Lọ́sẹ̀ kẹta, a tún ka Wasáàpù pọ̀, ẹnì kan péré ló ṣì bèèrè ohun tí à ń tà. Èyí tí Àlàájà nawọ́ rẹ̀ sí mi láti kà wá láti Lọ́ńdọ̀nù: fọ́tò báàgì aláwọ̀ ewé kan, ọjọ́ ìgbéyàwó, àti gbólóhùn kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè rí òwú tó dà bí èyí?" Ó ti ń pe ẹni tó ń bá a ra òwú kí n tó dá fóònù rẹ̀ padà.