Bí a ṣe ń yọ ọ̀rá kúrò lára ẹran kó tó dé inú ọbẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra ẹran ewúrẹ́ nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á dín in nínú epo pupa, wọ́n á sì da gbogbo omi ẹran náà sínú ọbẹ̀. Ó dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i, torí owó ọjà ti tán, ọ̀rá sì ti padà sínú abọ́.

Ọ̀rá tí mò ń sọ ni èyí tó máa ń dì bó bá ti tutù, tí wọ́n ń kọ sára agolo pé sátúrétẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń gbé kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ ń fún wa lójúmọ́. Fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ 2,000 kálórì, nǹkan bíi 22 gíráàmù nìyẹn. Nínú 100 gíráàmù ẹran ewúrẹ́ tó ti jinná, tí kò ní awọ àti ọ̀rá inú, nǹkan bíi gíráàmù 1 péré ló wà. Itan màlúù tí a gé ọ̀rá rẹ̀ dànù máa ń ní bíi 2 sí 3. Ẹran màlúù lílọ̀ tó lọ́ràá lè ní 6 tàbí 7, kọ́ǹbíìfù inú agolo bíi 6, sọ́séèjì màlúù sì lè kọjá 10.

Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ alápatà, ẹ béèrè itan tàbí èjìká. Ìgẹ̀ àti iké dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá ibẹ̀ pọ̀. Ti ewúrẹ́ yàtọ̀: ọ̀rá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹran, àyíká kíndìnrín àti ìfun ló máa ń kó jọ sí, ọwọ́ lásán lẹ ó sì fi fà á yọ. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kó ẹran sínú firísà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó gé e. Ọ̀rá tó ti le díẹ̀ kì í yọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ kékeré tó mú ni mo ń lò, mi ò gba ọ̀bẹ ńlá láyè níbi iṣẹ́ yìí.

Ẹ bọ ẹran náà pẹ̀lú omi, àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi tòmátì sí i, torí ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ wọn, kò sì ní ṣeé kó mọ́. Ẹ jẹ́ kí iná rọra jó. Omi tó ń hó gidigidi máa ń fọ́ ọ̀rá sí wẹ́wẹ́, á pò ó mọ́ omi títí omi náà á fi funfun bí omi ògì, ìyẹn á sì ba ìgbésẹ̀ tó kàn jẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó kàn yìí ló ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu jù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ìkánjú ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Wọ́n á mú ṣíbí, wọ́n á máa bu ọ̀rá lórí omi gbígbóná. Omi ẹran ni wọ́n ń bù jáde jù, ọ̀pọ̀ ọ̀rá á sì kù sínú ìkòkò. Ẹ kó ẹran sọ́tọ̀, kí ẹ sẹ́ omi náà sínú abọ́ tó fẹ̀ tí kò jìn, kí ẹ gbé abọ́ ọ̀hún sínú bàsíà omi tútù títí tí kò fi ní gbóná mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di inú fíríìjì. Bí kò bá sí iná, mo máa ń fọ píọ̀ wọ́tà tó ti di yìnyín, màá fi láílọ́ọ̀nù mímọ́ wé e, màá sì gbé e sínú omi ẹran náà. Ọ̀rá á dì yí i ká.

Àṣìṣe kejì léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan á gbé ìkòkò kalẹ̀ sílé ìdáná mọ́jú kí ọ̀rá lè dì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Láàárín wákàtí méjì, ó yẹ kí omi náà ti wà nínú fíríìjì. Àwọn kòkòrò kan máa ń tú májèlé sínú oúnjẹ tó bá pẹ́ níta, iná kì í sì í pa májèlé náà. Ẹni tó ní òun á tún un sè láàárọ̀ kò tíì bọ́ nínú ewu.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá á ti di àwo lójú omi, á funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, á sì dá bí àbẹ́là tí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ọ̀bẹ bọ etí rẹ̀, kí ẹ gbé e lódindi. Ohun tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, tí a sì lè rí òdì kejì rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Láti ara iṣan àti egungun ló ti jáde, adùn ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó dà á nù pé àwọn ń sá fún ọ̀rá! Ẹ gbé e kaná, á yọ́ padà. Ọ̀rá gan-an ni kẹ́ ẹ jù sínú ìdọ̀tí, ẹ má dà á sójú síǹkì, á dí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgẹ̀ màlúù kílò méjì tí mo ṣe láìpẹ́. Mo ti fi ọ̀bẹ gé èyí tí ojú rí kúrò, síbẹ̀ àwo ọ̀rá tí mo gbé lójú omi wọn 70 gíráàmù lórí òṣùwọ̀n. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá màlúù ló jẹ́ irú tó ń dì yìí, ìyẹn nǹkan bíi 35 gíráàmù. Ó ju ìwọ̀n ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ fún àgbàlagbà, inú ọbẹ̀ ni ì bá sì wà.

Ẹran tó ti jinná kò nílò epo mọ́. Nǹkan bí ìdajì epo pupa náà ni ọ̀rá tó ń dì: ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní bíi gíráàmù 7, ó ju ohun tó wà nínú ẹran ewúrẹ́ 500 gíráàmù lọ. Orí ààrò tàbí inú ófùùnù ni mo ti ń yan tèmi títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹni tí kò ní ófùùnù lè lo páànù tó nípọn láìda epo sí i, kó máa yí ẹran náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ti ẹran inú agolo àti sọ́séèjì le díẹ̀, torí wọ́n ti lọ ọ̀rá mọ́ ẹran, ọ̀bẹ ò lè yà wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bìrìtìkó, ẹ wo iwájú páálí: tí ìlà sátúrétẹ́ẹ̀dì bá pupa, ó ti ju gíráàmù 5 lọ nínú 100. Mi ò mọ ọ̀nà kankan tí mo fi lè gba sọ́séèjì là, mo kàn ń jẹ ẹyọ kan dípò mẹ́ta ni. Kọ́ǹbíìfù ṣì ní àtúnṣe díẹ̀. Ẹ gbé agolo sínú fíríìjì mọ́jú, kí ẹ ṣí i, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀rá funfun tó wà létí rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú páànù gbígbóná láìfi epo sí i. Ọ̀rá rẹ̀ á yọ́ jáde: ẹ fi díẹ̀ din àlùbọ́sà, kí ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ kan páànù náà sókè, kí ẹ da ìyókù sínú agolo òfìfo kẹ́ ẹ tó da ata sí i.