Kí n tó tẹ "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" sára ife

Oníbàárà mi kan ní kí n bá òun tẹ odindi ewì "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" sára ife tí òun fẹ́ tà fún àwọn òbí níbi ayẹyẹ ìparí ilé-ẹ̀kọ́. Mo bi í pé ta ló ni ewì náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewì tí gbogbo wa kọ́ ní kékeré, ta ni yóò tún ni ín?"

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwòrán tí mo rí kọ "òwe Yorùbá" sábẹ́ rẹ̀. Mi ò gba ìyẹn gbọ́, mo lọ wá ìwé fúnra rẹ̀. Inú Aláwìíyé ni ewì náà wà, orúkọ J. F. Ọdúnjọ sì wà lára èèpo ìwé. Ojú ewé tó tẹ̀ lé èyí tí àkọlé wà ni mo kọ́kọ́ ṣí, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ ilé ìtẹ̀wé àti àmì © máa ń wà. Ẹ má jẹ́ kí ọdún tó wà níbẹ̀ ṣì yín lọ́nà o. Ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yẹn lè jẹ́, kì í sì í ṣe òun ni a fi ń ka ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà.

Ọdún tí òǹkọ̀wé kú ni òfin ń wò. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ní ẹ̀tọ́ náà yóò wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Ọdúnjọ kú ní 1980. Ẹ ka 70 lé e: ìparí 2050. Ó di January 2051 kí ẹnikẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ.

Ní tèmi, gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ò lè dá wàhálà sílẹ̀, ó ti di ohun tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Odindi ewì lọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin gba èèyàn láyè láti fa ọ̀rọ̀ yọ bó bá ń ṣe ìwádìí tàbí ń ṣàríwísí, àmọ́ ife tí a fẹ́ tà kò sí nínú ìyẹn. Bí a tilẹ̀ kọ orúkọ Ọdúnjọ sísàlẹ̀, kíkọ orúkọ kọ́ ni ìgbàṣẹ.

Oníbàárà mi ní ká kúkú lo oríkì, pé kò sẹ́ni tó ni ín. Èyí náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀: òfin kan náà dáàbò bo ewì ìṣẹ̀ǹbáyé bí wọ́n bá fẹ́ fi ṣòwò, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni wọ́n sì ti ń gbàṣẹ rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìtẹ̀wé: ìlà tí a fẹ́ lò, iye ife, iye tí a óò máa tà á, ibi tí a óò ti tà á. Kí ayẹyẹ má baà kọjá, oníbàárà mi fúnra rẹ̀ kọ ìlà mẹ́rin, òun ni mo tẹ̀.