Ẹ yí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá ń mú àlejò lọ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n bá na ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí i pé ayé àwọn baba ńlá ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, kó má tíì wo ojú ère náà. Kó yí i dé, kó wo inú rẹ̀.

Orí ni wọ́n ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé. Èyí tí wọ́n ti gbé jó dáadáa, ibi tí orí ń kàn nínú rẹ̀ á ti dúdú, òógùn á ti jẹ́ kó máa dán. Ibi tí orí kì í kàn á ṣì gbẹ, ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére á ṣì hàn níbẹ̀. Bí dúdú náà bá rí bákan náà títí dé kọ̀rọ̀, wọ́n kùn ún ni. Ẹ fi áńkáṣíìfù funfun gbígbẹ nù ún: bó bá jẹ́ pólíṣì bàtà, ẹ ó rí i, ẹ ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má fi omi nù ún o, ọ̀dà àtijọ́ lè ṣí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn ihò tó wà ní etí ìsàlẹ̀ ère náà, tí wọ́n ń fi okùn so aṣọ mọ́. Okùn máa ń jẹ igi, ẹ̀gbẹ́ kan ihò á sì fẹ̀, á jọ̀lọ̀. Ihò roboto tí inú rẹ̀ ṣì funfun kò tíì rí aṣọ rí.

Ti ihò kòkòrò kò dá mi lójú rárá, torí kòkòrò ń jẹ igi tuntun náà. Lílò ni gbogbo àmì yìí ń fi hàn, wọn kò lè sọ iye ọdún. Bó bá sì jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, kí àlejò yín má gbé e kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù.